«Kí» àbí «pé»? Orúkọ tí a ó fún sùbújọ́ńtíìfù Faransé

Ọmọ Àpápá:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ímeèlì Faransé ni mo fi ń bá àwọn tó ń bá wa gba ẹrù ní èbúté Kùtọ̀nú sọ̀rọ̀. Ọ̀gá mi ní mo ń ṣi sùbújọ́ńtíìfù lò, ìyẹn ìrísí mìíràn tí ọ̀rọ̀-ìṣe Faransé máa ń gbé wọ̀ lẹ́yìn àwọn «que» kan. Kí ni à ń pè é ní Yorùbá, báwo ni mo sì ṣe máa mọ ibi tó yẹ ẹ́? Ohun tí mo kọ lánàá nìyí:

```
Je souhaite que vous m'envoyez la facture corrigée.
Il faut que le transitaire a l'original.
Je doute que le chèque est arrivé.
J'espère que vous ayez reçu mon message.
```

Ìyá Olùtumọ̀:

Ìṣe-àfẹ́ ni mo máa ń pè é fún àwọn tí mo ń kọ́. Ohun tí a bá fẹ́, tàbí ohun tó pọn dandan, ló ń pè é jáde. Ọmọ mi, kọ́kọ́ sọ gbólóhùn rẹ ní Yorùbá. Tí «kí» bá jáde lẹ́nu rẹ, ìṣe-àfẹ́ ni. Tí «pé» bá jáde, fi ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ sílẹ̀ bó ṣe wà. «Mo fẹ́ kí ẹ fi ránṣẹ́», «ó di dandan kí agbẹrùjáde ní ojúlówó ìwé náà»: «kí» ló wà nínú méjèèjì, nítorí náà «envoyiez» àti «ait» ló yẹ kó wà níbẹ̀. «Mo nírètí pé ẹ ti gba ìwé mi»: «pé» ni, «avez» ló yẹ, kì í ṣe «ayez». Ọmọ tó mọ èdè abínibí rẹ̀ ti mọ èyí ná.

Ọ̀rẹ́ Ìwé:

Ohun tó ń bí ọ̀gá rẹ nínú ni pé ọ̀rọ̀ rẹ le. «Je souhaite que» dà bí àṣẹ. Kọ «Je vous prie de bien vouloir m'envoyer la facture corrigée», inú wọn á dùn.

Ará Kétu:

Ọ̀rẹ́ Ìwé, ọ̀wọ̀ kọ́ ni arákùnrin yìí bèèrè, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn yín wúlò fún ìdí mìíràn. Lẹ́yìn «de», a kì í yí ọ̀rọ̀-ìṣe padà fún ẹnikẹ́ni, nítorí náà kò sí ibi tí a ó ti ṣìṣe. Èmi náà ń sá síbẹ̀ nígbà tí mo bá ń kánjú. Àmọ́ ẹni tí a ń kọ̀wé sí nìkan ni ó bá mu níbẹ̀. Tó bá jẹ́ agbẹrùjáde ni ìwé náà gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, «que» kò ṣeé yẹ̀.

Ìyá mi, ìdánwò yín dúró lórí ìfẹ́, ó dúró lórí dandan. Ó tilẹ̀ dúró níbi tí ẹ kò mẹ́nu kàn: «ó ṣeé ṣe kí ọkọ̀ ti dé» ni «il est possible que le bateau soit arrivé». Ṣùgbọ́n ó wó lórí iyèméjì. Kò sí ẹni tó ń sọ pé «mo ń ṣiyèméjì kí ṣẹ́ẹ̀kì ti dé». «Mi ò gbà pé ó ti dé» ni à ń sọ, tàbí «ó ń ṣe mí bíi pé kò tíì dé». Pé ló jáde, síbẹ̀ Faransé fẹ́ «je doute que le chèque soit arrivé», «je ne pense pas qu'il soit arrivé». Ẹni tó bá tẹ̀lé ìdánwò yín nìkan á kọ «est» ní méjèèjì, bí arákùnrin wa ṣe kọ ọ́ gan-an.

Ìdí rẹ̀ ni pé èdè wa ń fi «kí» ya ohun tí a fẹ́ kó ṣẹ sọ́tọ̀, àmì rẹ̀ sì wà lára gbogbo gbólóhùn: «pé mo lọ» ń di «kí n lọ», «pé kò lọ» ń di «kí ó má lọ». Iyèméjì kò sí nínú iṣẹ́ yẹn, nítorí pé ohun tí a ń ṣiyèméjì lé lórí, ọ̀rọ̀ ni, kì í ṣe ìfẹ́ wa. Faransé kó méjèèjì pọ̀.

Kí arákùnrin wa sì ṣọ́ra fún «je me doute que». Ọ̀rọ̀ kékeré «me» yẹn yí i padà pátápátá. «Je me doute que vous êtes occupé» túmọ̀ sí mo fura pé ọwọ́ yín dí. «Êtes» ló sì tẹ̀lé e.

Ìyá Pọ̀bẹ̀:

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo kọ «il faut que nous ayions» sí oníbàárà kan, ọ̀gá mi fi báírò pupa yí i. Mo ti kọ́ pé «i» ń wọlé fún «nous» àti «vous», bíi «envoyions», «signiez», mo wá fi í sí ibi gbogbo. «Ayons», «ayez», «soyons», «soyez»: kò sí «i» lẹ́yìn «y» níbẹ̀. Etí kò lè ràn wá lọ́wọ́ tó nínú «signez» àti «signiez», ojú ló gbọ́dọ̀ mú un.

Ohun kejì: ọmọbìnrin kan tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa kọ «je souhaite que je reçoive». «Mo fẹ́ kí n gbà á» ló ń túmọ̀. Faransé kì í gbà bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó ń fẹ́ bá jẹ́ ẹni tó máa ṣe é: «je souhaite recevoir» ni. «Mo fẹ́ gbà á» ti tó.

Ìyá Olùtumọ̀:

Mo gba ti iyèméjì. Orúkọ mi náà ti já nìyẹn, nítorí kò sí àfẹ́ nínú «je doute». Ẹ jẹ́ kí a pè é ní ìṣe-àìfìdímúlẹ̀: ohun tí ẹnu wa kò tíì jẹ́rìí sí pé ó ṣẹlẹ̀.

Ará Kétu:

Ó dùn létí, ó sì gba ìfẹ́, dandan àti iyèméjì wọlé. Ṣùgbọ́n «je regrette que le colis soit abîmé» ńkọ́? Ẹrù ti bàjẹ́, gbogbo wa ti rí i. Ó fìdí múlẹ̀ dáadáa, «soit» ṣì ni.

Ọmọ Àpápá:

Ẹ ṣé gan-an. Orúkọ tí wọ́n fi ń pè é ní Faransé ńkọ́, ṣé kò ní ìtumọ̀ tí a lè yá?

Ará Kétu:

«Subjonctif» ni wọ́n ń pè é. Látinú Látìnì ni, ohun tí a so mọ́ abẹ́ nǹkan mìíràn. Ìṣe-àsomọ́ ni yóò jẹ́. Ṣùgbọ́n «je sais que vous êtes» náà so mọ́ «je sais», kò sì yí padà. Èmi máa fara mọ́ àsomọ́ síbẹ̀, torí kò ṣèlérí ìtumọ̀ kankan tó lè já wa kulẹ̀.

Ìyá Olùtumọ̀:

Orúkọ tí kò sọ nǹkan kan fún akẹ́kọ̀ọ́, kí ló wúlò fún? Èmi ò kúrò lórí àìfìdímúlẹ̀. «Je regrette» á jẹ́ ìyàtọ̀ tí a ó kọ́ lọ́tọ̀.

Ìyá Pọ̀bẹ̀:

«Je ne doute pas que vous», mi ò ṣiyèméjì pé ẹ máa ṣe é, ńkọ́? «Fassiez» ni mo máa ń kọ, ẹlẹgbẹ́ mi kan ń kọ «ferez», ó ní ó dá òun lójú.

Ará Kétu:

Wọ́n ń kọ méjèèjì. «Fassiez» ni kò ní mú kí ẹnikẹ́ni fi báírò pupa yí i.

Ọmọ Àpápá:

Mo ti tún un kọ, mo sì ti fi ránṣẹ́:

```
Je vous prie de bien vouloir m'envoyer la facture corrigée.
Il faut que le transitaire ait l'original.
Je doute que le chèque soit arrivé.
J'espère que vous avez reçu mon message.
```