Léèsì funfun di eérú lórí fóònù: báwo ni ẹ ṣe ń ṣètò mónítọ̀ yín?

Ará Làgéré: Ẹ̀yin tí ẹ ń lo DaVinci Resolve, níìtì mélòó ni ìmọ́lẹ̀ mónítọ̀ yín? Fídíò ìgbéyàwó á dùn ún wò lọ́dọ̀ mi, tó bá dé fóònù ìyàwó, léèsì á dà bí eérú.

Ọmọ Ọbòkun: Mónítọ̀ yín ló ń tàn jù. Fún fídíò tí kì í ṣe HDR, 100 níìtì ni, pẹ̀lú `Rec.709 Gamma 2.4`. Ká ní tiyín wà ní 300. Ẹ ó máa fa léèsì wálẹ̀ títí á fi tù yín lójú, `Waveform` á sì fi hàn pé 600 péré ló wà nínú 1023. Lójú tiyín, ìyẹn tan tó 83 níìtì, ó funfun. Lórí mónítọ̀ tó wà ní 100, 28 péré ni. Eérú dé nìyẹn. Ẹ gbé e sí nǹkan bí 850 sí 900. Tó bá lọ gbá 1023, iṣẹ́ ara léèsì á parẹ́.

Ará Sábó: Áàpù tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ wà lórí fóònù. Ẹ gbé e síwájú mónítọ̀, ó parí.

Ọmọ Ọbòkun: Àbúrò, ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ sára fóònù ni ìyẹn ń kà. Sún un sẹ́yìn díẹ̀, iye tó kà á yí padà. Yá ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé lé ojú mónítọ̀. Pa `Dynamic Contrast` àti `Eco`, jẹ́ kó gbóná fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, gbé funfun síbẹ̀, kí o wá máa dín `Brightness` kù títí yóò fi ka 100. Tó bá jẹ́ tẹlifíṣọ̀n, `Backlight` ni kí o dín. `Brightness` tirẹ̀, dúdú ló ń bà jẹ́.

Ìyá Ìbejì: Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kẹ̀? Ní Iléṣà níbí? Kó tó gbóná, wọ́n á ti mú iná lọ.

Ará Sábó: 😂😂

Ará Làgéré: Mo dín in kù. Ó ṣókùnkùn bí ihò eku. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mo wà ṣá.

Ọmọ Ọbòkun: Ẹ fa kọ́tìnì. Ẹ fi gílóòbù 6500K sẹ́yìn mónítọ̀, kí ògiri ibẹ̀ má tàn ju 10 níìtì lọ. Tí ògiri bá jẹ́ àwọ̀ ewé, ẹ kùn ún, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ó máa ti awọ ara ènìyàn sí àwọ̀ ewé láìmọ̀.

Ará Modákẹ́kẹ́: Ta ló ń wo nǹkan ní 100 níìtì? Fóònù ń tàn ju 500 lọ nínú oòrùn. Èmi ò rò pé ó yẹ ká máa fìyà jẹ ojú.

Ọmọ Ọbòkun: Nínú oòrùn, oòrùn náà ni ojú wọn fi ń ṣe òṣùwọ̀n. Nínú yàrá lálẹ́ ńkọ́?

Ará Modákẹ́kẹ́: Lálẹ́ kẹ̀, wọ́n ti sùn.

Ìyá Ìbejì: Tèmi ò ṣókùnkùn o. Dúdú ni ò dúdú, bí ẹni pé èéfín bò ó.

Ọmọ Ọbòkun: Ṣé 0 ni dúdú yẹn wà lórí `Waveform`? Tó bá jẹ́ 0, ẹ má fọwọ́ kan fídíò. Ẹ wo `Data Levels` àti ibi tí mónítọ̀ ti ń yan HDMI: ọ̀kan wà ní `Video`, èkejì ní `Full`.

Ìyá Ìbejì: Iná ti lọ. Tó bá dé, màá wò ó.