Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ojú Màmá mi: a ò tíì ṣe gíláàsì tuntun

“Màmá mi bẹ̀rẹ̀ oògùn ìtọ̀ ṣúgà, ojú wọn wá ń ṣe bàìbàì. Ṣé kí n pààrọ̀ gíláàsì wọn ni?”

Ìbéèrè tí mo bi yín níjọ́sí nìyẹn, ẹ ṣeun fún èsì yín o. Dókítà ojú tí a rí ní Ìkòròdú ní ká fi owó wa sápò ná. Ṣúgà ti wọ inú lẹ́ńsì ẹyinjú nígbà tó pọ̀ lẹ́jẹ̀. Oògùn wá já ti ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ kíákíá, ṣùgbọ́n ti inú lẹ́ńsì kì í tètè jáde, ó ń fa omi mọ́ra, agbára lẹ́ńsì á sì yí padà. Ìdí nìyẹn tí gíláàsì ìkàwé Màmá ò fi ká Bíbélì mọ́.

Ẹ̀gbọ́n tó ní oògùn ló ń ba ojú jẹ́ rí apá kan òótọ́: ìyípadà ṣúgà ló fà á, Màmá ò gbọdọ̀ dá oògùn dúró. Ti bàbá tó ní ẹyinjú òun di funfun, ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì tó ní ká dúró ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ló tọ̀nà: kí ṣúgà dúró déédéé, kí èsì àyẹ̀wò ojú ẹ̀ẹ̀mejì bára mu. Wọ́n ti yẹ ẹ̀yìn ojú wò. Bí nǹkan dúdú bá ń fò lójú tàbí ojú kan ṣú lójijì, a ò ní dúró rárá.

Èsì ojú ọ̀tún ti ń bára mu. Ti òsì ṣì ń yí.