LEFT JOIN: ṣé ká pè é ní àsopọ̀ òsì?

Olùbéèrè, Kúbwà: Ẹ̀yin àgbà, mò ń kọ ìwé ìléwọ́ lórí SQL, èdè tí a fi ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀, fún àwọn ọmọ àdúgbò tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà. JOIN la fi ń so àtẹ méjì pọ̀, bí àtẹ oníbàárà àti àtẹ ọ́dà. Mo pe INNER JOIN ní àsopọ̀ inú, LEFT JOIN ní àsopọ̀ òsì, OUTER JOIN ní àsopọ̀ òde. Ǹjẹ́ àwọn orúkọ yìí dúró?

Olùkọ́ èdè, Kàdúná: Àsopọ̀ òde péye lójú tèmi. Àwọn tó wà lóde ni oníbàárà tí kò ra nǹkan kan rí, àwọn yẹn nìkan ló sì máa jáde. Òsì ni mi ò fara mọ́. A kì í fi ọwọ́ òsì fún àgbà ní nǹkan. Ọmọ á rò pé àtẹ tó wà lápá òsì ló rẹlẹ̀ jù.

Oníṣẹ́ dátábéèsì, Gàrkí: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ gan-an ni orúkọ yẹn ti máa ṣi ọmọ lọ́nà. OUTER kì í lé àwọn tó bára mu jáde. Ẹ jẹ́ ká mú oníbàárà mẹ́rin. Àṣàkẹ́ ní ọ́dà méjì, Músá ní ẹyọ kan, Ńgọ́zí àti Ládì kò ra nǹkan kan rí. Ọ́dà kẹrin tún wà nílẹ̀ tí akọ̀wé kò kọ orúkọ oníbàárà kankan sí.

INNER JOIN máa fún wa ní ìlà mẹ́ta: Àṣàkẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, Músá lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá kọ customers ṣáájú, LEFT JOIN máa fún wa ní márùn-ún. Ìlà mẹ́ta yẹn ṣì wà níbẹ̀, Ńgọ́zí àti Ládì ló wá kún un, NULL, ìyẹn àyè òfìfo, sì wà níbi tí ọ́dà wọn ì bá wà. FULL OUTER JOIN máa gba ọ́dà aláìlórúkọ yẹn wọlé pẹ̀lú, ó di mẹ́fà. LEFT ò sì ju àtẹ tí a kọ ṣáájú ọ̀rọ̀ JOIN lọ.

Iṣẹ́ OUTER ni pé kì í jẹ́ kí ẹni tí kò rí ẹnìkejì ṣòfò: ó ń dá a sí. Tèmi ni pé ká pe INNER ní àsopọ̀ abáramu, LEFT ní àsopọ̀ adá-tiwájú-sí, FULL ní àsopọ̀ adá-méjèèjì-sí.

Ìyá oníṣòwò, Wúsè: Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Aṣọ ni mò ń tà, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló bá mi ṣe dátábéèsì. Mo fẹ́ mọ àwọn tí kò rajà lọ́wọ́ mi ní 2024 kí n lè pè wọ́n. Ó lo LEFT JOIN, síbẹ̀ àwọn tó rajà nìkan ló jáde. Ṣé kó yí òsì sí ọ̀tún ni? Ohun tó kọ nìyí:

```sql
SELECT c.name, o.id
FROM customers c
LEFT JOIN orders o ON o.customer_id = c.id
WHERE o.order_date >= '2024-01-01';
```

Oníṣẹ́ dátábéèsì, Gàrkí: Rárá, Mà, òsì ò lẹ́bi. Lẹ́yìn tí JOIN bá parí ni WHERE ń ṣe tirẹ̀. NULL ni ọjọ́ ọ́dà Ńgọ́zí, NULL kò sì lè ju ọjọ́ kankan lọ, kò lè dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀, nítorí náà WHERE gé e dànù. Ohun tó kù kò yàtọ̀ sí ti INNER JOIN. Ẹ ní kó gbé ọjọ́ náà lọ sábẹ́ ON:

```sql
SELECT c.name
FROM customers c
LEFT JOIN orders o
  ON o.customer_id = c.id
 AND o.order_date >= '2024-01-01'
 AND o.order_date < '2025-01-01'
WHERE o.id IS NULL;
```

Àmọ́ ẹni tó rajà ní 2023 tí kò padà wá máa wà nínú wọn. Bó bá jẹ́ ẹni tí kò rajà rí láé lẹ fẹ́, kó yọ ìlà ọjọ́ méjèèjì kúrò. Ọ̀nà tí ẹ fi máa mọ̀ bí nǹkan bá wọ́ ni pé ìlà tí LEFT JOIN bá gbé jáde, láìsí WHERE, kò lè kéré sí iye oníbàárà tó wà nínú àtẹ. Bí WHERE bá wọlé tí iye náà já wálẹ̀, ẹ wo ẹni tó gé kúrò.

Olùkọ́ èdè, Kàdúná: Mo ti rí i báyìí pé àwọn tó bára mu náà ń jáde, mo sì fi àsopọ̀ òde sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, orúkọ yín ní ó dá Ńgọ́zí sí, WHERE sì tún lé e dànù. Ṣé irọ́ kọ́ nìyẹn?

Oníṣẹ́ dátábéèsì, Gàrkí: JOIN dá a sí lóòótọ́. WHERE ló lé e, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ sì ni tirẹ̀. Mo fẹ́ kí orúkọ náà jẹ́ kí ọmọ béèrè pé, "Bí JOIN bá dá a sí, ta ló lé e?" Ìbéèrè yẹn gan-an ló máa gbé e dé ìdí WHERE.

Olùkọ́ èdè, Kàdúná: Ó dáa. Síbẹ̀ adá-tiwájú-sí gùn lẹ́nu, LEFT ni ọmọ sì máa rí lójú kọ̀ǹpútà. Bí kò bá gbọ́ òsì rí, báwo ló ṣe máa so ó mọ́ra? Ó kúkú sàn ká fara da òsì náà, ká kọ ọ́ ní apá òsì.

Olùbéèrè, Kúbwà: Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Mo gba abáramu fún INNER. Fún LEFT, màá fi apá òsì sí àkọlé, màá sì lo adá-tiwájú-sí nínú àlàyé, títí a ó fi fẹnu kò. MySQL ni a fi ń kọ́ wọn, kò sì ní FULL OUTER JOIN, nítorí náà orúkọ tìyẹn ṣì lè dúró ná.