"Ẹ gba ìbánikẹ́dùn mi" àbí "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè"?

Olùkọ́ kan ní Ilé-Ifẹ̀ béèrè:

Bàbá olùkọ́ ìṣirò wa jáde láyé lánàá, ẹni ọdún 84. Mùsùlùmí ni wọ́n, wọ́n sì ti sin wọ́n sí Ilódè kí ilẹ̀ tó ṣú. Màmá ṣì wà láyé. Olùkọ́ náà jù mí lọ dáadáa, "Àǹtí" ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù wọn lórúkọ gbogbo olùkọ́. Ohun tí mo kọ rèé:

"Akẹgbẹ́ mi ọ̀wọ́n, inú mi bàjẹ́ gidigidi láti gbọ́ nípa ikú bàbá rẹ. Mo nímọ̀lára ìrora tí o ń là kọjá. Jọ̀wọ́ gba ìbánikẹ́dùn àtọkànwá mi. Ó ti lọ sí ibi tó dára jù. Kí ọkàn rẹ̀ sinmi ní àlàáfíà. Jẹ́ kí n mọ̀ bí o bá nílò ohunkóhun."

Ẹni tó kọ́kọ́ kà á ní kò dún létí òun bí ọ̀rọ̀ ẹnu wa. Níbo ló ti wọ́? Ṣé "ìbánikẹ́dùn" ló bà á jẹ́ ni, àbí "akẹgbẹ́"?

Òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì kan, Ìjọ̀ka, Iléṣà:

"Ìbánikẹ́dùn" ni. Ọ̀rọ̀ oníwèé ìròyìn ni, kò sí ẹni tó ń fi í kí èèyàn lójúkojú. Yọ ọ́ kúrò, kí o fi "Ẹ kú ọ̀fọ̀" bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí èèyàn rẹ̀ kú ń ṣọ̀fọ̀, aṣọ ọ̀fọ̀ ló ń wọ̀, ọ̀fọ̀ náà la ó sì kí i. Ìyókù lè dúró bó ṣe wà.

Olùkọ́ èdè Yorùbá kan, Mọ̀ọ̀rẹ̀, Ilé-Ifẹ̀:

Alàgbà, òótọ́ lẹ sọ pé ìkíni ló yẹ kó ṣáájú. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ọ̀fọ̀. Ẹni ọdún 84 tó bímọ, tí àwọn ọmọ sì sin ín, òkú àgbà ni. Ikú ọmọdé, ikú ọ̀dọ́, ikú ẹni tí òbí rẹ̀ ṣì wà láyé, ìyẹn là ń pè ní ọ̀fọ̀. Bí a bá kí ọmọ àgbàlagbà kú ọ̀fọ̀, àwọn ẹbí kan á máa wò ó pé kí ni ẹni yìí rò pé ó ṣẹlẹ̀ nílé àwọn. "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè" ló bá a mu: ẹni tó lọ ti lọ, ẹ̀yin lẹ wà lẹ́yìn tí ẹ ń bá wọn di ẹ̀yìn mú. Ẹ lè fi "ẹ kú àrafẹ́rakù" tẹ̀ lé e, nítorí ìyẹn kò yan ọjọ́ orí. Ẹni tí a fẹ́ rí tí a fẹ́ ẹ kù ló ń sọ, ì báà ṣe àgbà, ì báà ṣe ọmọdé.

Ọ̀ràn fóònù tún wà níbẹ̀. Púpọ̀ nínú wa kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ bí a bá ń tẹ̀ ẹ́. "E ku ofo" lè di ọ̀fọ̀, ó lè di òfò, ó lè di òfo, ó tilẹ̀ lè di ọfọ̀ tí àwọn babaláwo ń pè. "E ku aseyinde" kò ní ìkejì. Kò sẹ́ni tí yóò ṣì í kà.

Ẹ wá wo ibi tó léwu jù nínú ìwé yẹn, mo sì fẹ́ kí gbogbo wa fara balẹ̀ kà á: "Kí ọkàn rẹ̀ sinmi ní àlàáfíà." Ẹ yọ àmì orí rẹ̀ kúrò. "Ki okan re sinmi ni alaafia." Ta ni "re" yìí? Òun ni àbí ìwọ? Bí ọmọ olóògbé bá kà á bí ó ṣe wà, àdúrà ikú la ṣe fún un. Ohun tó fa wàhálà yìí kì í ṣe àmì nìkan. Ọ̀wọ̀ tí a kò fún Bàbá ló fà á. Àgbà kì í tìtorí pé ó kú kó di "ó" àti "rẹ̀". "Wọ́n" ni wọ́n ń jẹ́ lánàá, "wọ́n" náà ni wọ́n ń jẹ́ lónìí. Bí a bá kọ "wọn", tí a sì ń pe Àǹtí ní "ẹ", kò sí bí a ṣe lè ṣi òkú mú fún alààyè, bí a kò tilẹ̀ fi àmì kankan sí i.

Ní ti "ìbánikẹ́dùn", ojúlówó Yorùbá ni: kẹ́dùn, bá ni kẹ́dùn, ìbánikẹ́dùn. Kò sí àbùkù lára rẹ̀. Ibi tí a gbé e sí ló gbòdì. Orúkọ ìṣe náà ni. A lè ní ìwé ìbánikẹ́dùn lórí tábìlì nílé olóògbé, kí àwọn àlejò máa fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n Yorùbá kì í gbé e lé ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ lọ́wọ́ pé "gbà". Ìṣe ni a máa ń sọ: "a bá yín kẹ́dùn". Ó parí.

Ìyókù ni "mo" tó pọ̀ jù. Ẹ kà á: akẹgbẹ́ mi, inú mi, mo nímọ̀lára, ìbánikẹ́dùn mi, jẹ́ kí n. Ìgbà márùn-ún ni ẹni tó kọ̀wé ń sọ ara rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé gbogbo olùkọ́ ló rán an. Ìkíni Yorùbá kì í ròyìn inú ẹni tó ń kíni. "Ẹ kú" kò ní "mo" nínú. Ojú ẹni tí a ń kí ló ń wò. Ẹ fi "a" àti "ẹ" kọ ọ́, kí ẹ sì ju "mo nímọ̀lára ìrora" nù. Ẹni tí bàbá rẹ̀ ṣì ń bẹ láyé kò lè mọ ohun tó ń ṣe Àǹtí.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan, Iléṣà:

Tèmi jọ èyí. Ìyá ọ̀gá mi ló jáde láyé, ṣùgbọ́n mo fi ọdún mẹ́sàn-án ju ọ̀gá náà lọ. Ṣé "o" ni kí n kọ àbí "ẹ"? Ṣé "ọ̀gá" ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?

Olùkọ́ èdè, Mọ̀ọ̀rẹ̀:

"Ẹ" ni. Ọjọ́ tí òbí ẹni kú kọ́ ni ọjọ́ tí a ń fi ọjọ́ orí hàn án. Ẹ má ṣe fi "ọ̀gá" bẹ̀rẹ̀ bí ó bá jẹ́ pé ibi iṣẹ́ nìkan lẹ ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí ẹ ń pè é nígbà tí iṣẹ́ ti tú ni kí ẹ lò. Ìdí kan náà ni "akẹgbẹ́" kò fi dára nínú ìwé tàkọ́kọ́: ẹgbẹ́ là ń pè ní ẹgbẹ́, Àǹtí kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni tó ń kọ ọ́.

Òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì, Ìjọ̀ka:

Mo gba ti ọ̀fọ̀ àti òkú àgbà. Ti akẹgbẹ́ ni mi ò gbà. Ẹni tí ẹ jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà ni akẹgbẹ́ lóde òní, ọjọ́ orí kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Àwọn adájọ́ ń pe ara wọn bẹ́ẹ̀, àwọn dókítà náà ń pe ara wọn bẹ́ẹ̀. "Alábàáṣiṣẹ́" tí àwọn ènìyàn ń gbé lárugẹ yìí gùn, ó sì le lẹ́nu.

Olùkọ́ èdè, Mọ̀ọ̀rẹ̀:

Bí ẹ bá ń sọ ọ́ fún ẹlòmíràn, mo gbà: "akẹgbẹ́ wa kan ni bàbá rẹ̀ jáde láyé". Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń fi pe ẹni náà fúnra rẹ̀, etí mi kò tíì gbà á. Ẹ jẹ́ ká fi síbẹ̀ ná.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ àdúgbò kan, Òkèrèwè, Ilé-Ifẹ̀:

Ọ̀rọ̀ mi wà lórí àdúrà. "Sinmi ní àlàáfíà" kì í ṣe ohun tí Mùsùlùmí ń retí láti gbọ́. Àforíjìn ni wọ́n máa ń tọrọ fún òkú wọn ṣáájú ohun gbogbo: kí Ọlọ́hun forí jìn wọ́n, kó fi Alùjáńnà onídẹ̀ra kẹ́ wọn. "Ó ti lọ sí ibi tó dára jù" sì burú fún ìdí mìíràn. Èyí tí Ọlọ́hun kò tíì sọ fún wa la fẹ́ fi ṣe ìròyìn. Ẹ fi sílẹ̀ ní àdúrà, ẹ má sọ ọ́ di ohun tó ti ṣẹ.

Ẹ dárúkọ Màmá. Wọ́n ti wọ opó, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni ó sì máa gbà. Ẹni tó ń kí ọmọ tí kò kí ìyá, ó kí ìdajì ilé.

Wọ́n ti sin Bàbá, nítorí náà ẹ má kọ ohunkóhun nípa "ìmúrasílẹ̀ ìsìnkú". Ẹ má sì kọ "a ó pàdé ní fídáù ọjọ́ kẹjọ" láìbéèrè. Ọ̀pọ̀ ilé Mùsùlùmí ní Ifẹ̀ ló ń ṣe é, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọn kò gbà pé ó bá ẹ̀sìn mu. Ẹ bi àbúrò wọn tàbí ẹni tó sún mọ́ ilé. Ẹ má bi Àǹtí fúnra wọn.

Olùkọ́ tó béèrè:

Mo tún un kọ. Ẹ bá mi wò ó:

"Àǹtí wa, ẹ kú àṣẹ̀yìndè Bàbá. Ẹ kú àrafẹ́rakù. Gbogbo àwa olùkọ́ bá yín kẹ́dùn, a sì kí Màmá. Kí Ọlọ́hun forí jin Bàbá, kó fi Alùjáńnà onídẹ̀ra kẹ́ wọn. Kí ẹ̀yìn wọn dára. Ẹ fọkàn balẹ̀ lórí àwọn ọmọ kíláàsì yín: méjì nínú wa ti pín iṣẹ́ wọn láàárín ara wa títí ẹ ó fi padà, a ó sì máa ṣàmì ìwé wọn. A ń bọ̀ nílé lọ́jọ́ Sátidé lẹ́yìn ìrun àsárì. Ẹ má ṣe wàhálà láti fèsì."

Akọ̀wé, Òkèrèwè:

Ó dára. Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni ibi kíláàsì. "Jẹ́ kí n mọ̀ bí o bá nílò ohunkóhun" ń fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò pé níṣẹ́: kó jókòó, kó ronú ohun tó ṣaláìní, kó wá bẹ yín. Èyí ti ṣe é tán. Àmọ́ ẹ rí i dájú pé ẹni méjèèjì ti gba iṣẹ́ náà kí ẹ tó fi ránṣẹ́.

Òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì, Ìjọ̀ka:

Àdúrà kan kù. Ẹ fi "àwọn ọmọ yín náà á sin yín" parí rẹ̀. Kò sí ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan tí yóò kí ọmọ òkú àgbà tí kò ní fi í sí i.

Olùkọ́ èdè, Mọ̀ọ̀rẹ̀:

Lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ ni, a máa ń sọ ọ́, wọ́n á sì ṣe àmín. Lórí fóònù, níbi tí Àǹtí nìkan jókòó tí ń kà á lóru, ọ̀rọ̀ ikú tiwọn ni wọ́n máa kọ́kọ́ rí. Ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ Sátidé.

Òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì, Ìjọ̀ka:

Èmi á fi sí i. Àdúrà kì í yàtọ̀ nítorí pé a kọ ọ́ sílẹ̀.

Olùkọ́ tó béèrè:

Mo ti fi èyí tí kò ní i ránṣẹ́. Àgbà kan nínú wa ló máa gba àdúrà náà lẹ́nu nígbà tí a bá dé Ilódè.