Bátìrì tó ń tán lóru láìfọwọ́ kan fóònù: kí ni ojú yín ti rí?

Àjọkẹ́ Aránṣọ: Ẹ kú ìjókòó o. Mo fi fóònù sílẹ̀ ní 82% kí n tó sùn, mo jí bá a ní 51%. N kò fọwọ́ kàn án, síbẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́wọ́ọ́wọ́. Yàrá mi wà nísàlẹ̀ ilé, igi nẹ́tíwọ́kì kì í ju ẹyọ kan lọ níbẹ̀. Ta ló ti rí irú èyí?

Ìyá Ìbejì: Áàpù tó ṣí sílẹ̀ ni. Èmi máa ń gbá gbogbo wọn dànù kí n tó sùn.

Atúnfóònùṣe: Ìyá wa, òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, torí áàpù kan ṣoṣo lè ya wèrè. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń pa gbogbo wọn, àtiṣí wọn padà ń jẹ iná ju kí wọ́n sinmi jẹ́ẹ́ lọ. Àjọkẹ́, nẹ́tíwọ́kì ni mo fura sí. Níbi tí kò bá ti lágbára, ṣe ni fóònù máa ń lọgun kí òpó tó jìnnà lè gbọ́ ọ. Lálẹ́ òní, tan Airplane mode, kí o wá tan Wi-Fi padà. Bí bátìrì kò bá wálẹ̀ púpọ̀, nẹ́tíwọ́kì síìmù ló ń jẹ ẹ́. Bó bá tún wálẹ̀ bíi tàtẹ̀yìnwá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ áàpù. Lọ sí Settings, kí o tẹ Battery, wàá rí èyí tó jẹ jù. Ìpè lásán kò ní wọlé o, àyàfi bí Wi-Fi Calling bá ń ṣiṣẹ́ lórí síìmù rẹ.

Sàlámì: Tèmi kì í dúró di ọ̀sán. Mo ti sọ ojú rẹ̀ di dúdú, mo ti dín ìmọ́lẹ̀ kù, pàbó ni. Fóònù kọ Maximum Capacity 71%, ìyẹn ni pé agbára tí bátìrì lè gbà kò ju 71% ti ìgbà tó wà ní tuntun lọ.

Atúnfóònùṣe: Bátìrì tìrẹ ti gbó, arákùnrin. Kò sí sẹ́tínì tó lè sọ ọ́ di tuntun, pààrọ̀ rẹ̀. Ojú dúdú yẹn náà, orí sikirínì OLED nìkan ló ti ń dín iná kù.

Àjọkẹ́ Aránṣọ: Mo ti dán an wò o! 79% ni mo fi sùn, 75% ni mo jí bá. Àmọ́ ìyá mi lè pè mí lóru, n kò lè máa wà bẹ́ẹ̀. Mo wá yí Preferred network type kúrò lórí 5G sí LTE, ìyẹn 4G, mo sì gbé fóònù sẹ́bàá fèrèsé. Ó wálẹ̀ láti 80% sí 69%. Ó sàn, ṣùgbọ́n n kò mọ èyí tó ṣiṣẹ́ nínú méjèèjì.

Atúnfóònùṣe: Dá 5G padà, kí fóònù ṣì wà ní fèrèsé. Ẹyọ kan ni kí o máa yí lẹ́ẹ̀kan.

Ìyá Ìbejì: Èmi ò ní yéé gbá tèmi dànù o.