Àbọ̀ ọ̀rọ̀ gbèsè sìmẹ́ńtì: lọ́yà ti kọ̀wé

Ìbéèrè mi: "Oníbàárà mi ní Ọ̀fà jẹ mí ₦900,000 owó sìmẹ́ńtì. Ṣé kí n pè é lẹ́jọ́?"

Ẹ ṣé fún ìdáhùn yín o. Lẹ́tà lọ́yà mi ní Ìlọrin dé. Ó ní ẹjọ́ mi lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, torí ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sórí Wásáàpù pé òun á san. Ẹni tó ní kóòtù kì í gba Wásáàpù, ó kù díẹ̀: wọ́n ń gbà á, àmọ́ ìwé ìjẹ́rìísí tí Abala 84 Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 béèrè gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e.

Owó lọ́yà jẹ́ ₦200,000, owó kóòtù lọ́tọ̀. Bí mo bá tiẹ̀ jàre, ohun tí kóòtù máa ní kó san fún ìnáwó mi lè má tó ìdajì.

Ibi tó ká mi lára ni pé oníbàárà náà ti ta ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bí mo bá jàre, kí ni akọ̀dà kóòtù fẹ́ gbẹ́sẹ̀ lé? Akọ̀wé bánkì kan níbí ti sọ èyí tẹ́lẹ̀.

Alhaja tó mú ọ̀rọ̀ ẹjọ́ ilẹ̀ wá, tiyín yàtọ̀; ẹ bá lọ́yà sọ̀rọ̀.

Lọ́yà mi ti fi ìwé ránṣẹ́ sí oníbàárà náà, ó fún un ní ọjọ́ 14 láti san. Bóyá màá pè é lẹ́jọ́ lẹ́yìn náà, mi ò tíì mọ̀.