"Àyà mi ń já", mo túmọ̀ rẹ̀ sódì ní ọsibítù

Ògbufọ̀ Ìsàlẹ̀ Èkó
Mo sin ìyá àgbà kan tá a jọ ń gbélé lọ sí ọsibítù kan ní Erékùṣù. Dókítà ọjọ́ náà kò gbọ́ Yorùbá rárá, èmi ni mo ń bá wọn túmọ̀. Ìyá ní, "Látìgbà tí wọ́n ti pè mí pé ọkọ̀ ọmọ mi dànù lọ́nà Ìbàdàn, àyà mi ń já ṣáá." Mo bá yára sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé àyà ń dùn wọ́n. Ni dókítà bá da ìbéèrè bò wá: ṣé ó ń nà dé apá òsì, ṣé òógùn ń bò wọ́n? Kí n tó mọ̀, wọ́n ti gbé ìyá lọ síbi tí wọ́n ti ń lẹ wáyà mọ́ni láyà láti wo bí ọkàn ṣe ń lù. Owó jáde. Ìyá wojú mi, wọ́n ní, "Ṣé mo ní ibì kan ń dùn mí ni?" Ojú tì mí.

Ta ló ti kan irú èyí rí?

Ọmọ Yàbá
Kò le. Níbi tí Yorùbá bá ti sọ inú tàbí àyà, ọkàn ni kẹ́ ẹ fi dípò rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, torí ọkàn làwọn yẹn fi ń mọ gbogbo nǹkan lára. Bí mo ṣe ń ṣe é ní ṣọ́ọ̀ṣì wa nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò tíì ráhùn.

Alátùn-únṣe Fíìmù, Sùúrùlérè
Ó bá a dé ibì kan. "Inú rere", ẹ fi ọkàn sí i, ó dáa. Ẹ wá gbé "inú bí mi" wá. Gẹ̀ẹ́sì ò ní fẹnu kan ẹ̀yà ara kankan níbẹ̀, yóò kàn ní òun bínú ni. "N ò mọ inú rẹ̀" ńkọ́? Ohun tónítọ̀hún ń rò ni. Inú kan náà ni, ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e ló ń darí rẹ̀.

Èmi ni mo ń kọ ìtumọ̀ tó máa ń jáde lábẹ́ fíìmù. Ọmọ iṣẹ́ mi kan kọ ọ́ níbi ìgbéyàwó pé ọ̀rọ̀ ọmọ náà dun bàbá rẹ̀ wọra. Mo wo ojú bàbá, ẹ̀rín ló ń rín! Ohun tí bàbá sọ ni "ó dùn mọ́ mi nínú". Ọmọ náà ò gbọ́ "mọ́" yẹn. Ó dùn mí, ìrora ni. Ó dùn mọ́ mi, ayọ̀ ni.

Ìyá Ìbejì Múṣín
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Inú rírun ni tèmi. Tí mo bá ti jẹ ẹ̀wà lálẹ́, mi ò ní sùn. Kí ni mo lè lò?

Alátùn-únṣe Fíìmù, Sùúrùlérè
Ìyá wa, ẹ lọ rí dókítà, ẹ má sì mú ògbufọ̀ òkè yẹn dání. Tiyín gan-an ló ṣe kedere jù: inú tó ń run, ikùn ni.

Nọ́ọ̀sì Èbúté Mẹ́ta
Ògbufọ̀, ẹ má dá ara yín lẹ́bi tán. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń ní kí wọ́n fọwọ́ hàn mí. Ẹni tó bá fọwọ́ lé ojú kan tó ní "ó ń dùn mí" tàbí "ó ń ta mí", ìrora ni. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ìpè tẹlifóònù, ẹ̀rù ni. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà lè ní méjèèjì pọ̀, ọkàn wọn sì lè máa sáré lóòótọ́. Mo máa ń sọ ọ̀rọ̀ wọn gan-an fún dókítà, kí n tó sọ ohun tá a fi ń pè é.

Alátùn-únṣe Fíìmù, Sùúrùlérè
Ìyẹn ni mi ò gbà. Tẹ́ ẹ bá ní àyà ẹnì kan já, òyìnbó á rò pé wọ́n gún un lọ́bẹ. Ìtumọ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ sọ.

Nọ́ọ̀sì Èbúté Mẹ́ta
Tí mo bá ní ẹ̀rù nìkan, tí ọkàn wá lọ ń sáré, ta ni wọ́n á mú?

Ọmọ Yàbá
Mo rántí ọ̀kan. Àlejò oníwàásù kan sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé ìfun òun ló sọ fún òun pé nǹkan ń bọ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ìjọ bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ebi ń pa á.

Alátùn-únṣe Fíìmù, Sùúrùlérè
"Ara ń fu mí" ni ẹ̀ bá sọ. Ṣé ẹ wá rí i pé kì í ṣe ọkàn nìkan ni wọ́n ń lò? Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611 fi ìfun pe àánú nínú Jòhánù Kìíní 3:17. Àwa náà ní ìyọ́nú, inú tó yọ́ ni.

Ògbufọ̀ Ìsàlẹ̀ Èkó
Mo lọ bẹ ìyá lálẹ́ àná. Wọ́n ní kí n fẹ̀dọ̀ lórí òróòro. Ọmọ-ọmọ wọn tó ti òkè òkun dé bi mí pé kí ni màmá sọ. Mo ní wọ́n ní kí n ṣe sùúrù. Ẹ̀dọ̀ àti òróòro ti já bọ́ lọ́nà.